Kí Ọdún Tó Dé: Bí Ọlọ́jà Orí Ayélujára Ṣe Ń Tún Ojú-Ewé Ọjà Rẹ̀ Ṣe

Kérésìmesì ṣì jìnnà, òjò oṣù Kẹsàn-án kò tíì dá, àwọn kan ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ọdún sínú àpótí ìwárí lórí ayélujára. Wọn ò tíì mú owó jáde o. Wọ́n ń yẹ ọjà wò ni, wọ́n ń fi èyí wé tọ̀hún. Bí oṣù Kẹwàá bá ń lọ sópin, wọ́n á ti pọ̀ sí i. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá, èyí tí wọ́n ń pè ní Bùláàkì Fúráídè, ọjà á gbóná janjan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti wá. Amazon ló gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010. Ní Nàìjíríà, Jumia ń ná ọjà yìí nínú oṣù Kọkànlá, Konga sì sọ tirẹ̀ ní Yakata.

Ọlọ́jà tó bá dúró di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kó tó ṣí ojú-ewé ọjà rẹ̀ wò, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀rọ tó ń wá ọjà fún àwọn oníbàárà kì í wo ọ̀rọ̀ tí a kọ nìkan. Ó tún ń wo ohun tí àwọn èèyàn ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbé wọn dé iwájú ọjà: ṣé wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n rà á, àbí wọ́n kàn wò ó wọ́n sì kọjá lọ? Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó kó jọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ kàn: ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń wá ọjà, ọjà tí wọ́n dì pọ̀ tà, àti àkọsílẹ̀ iye ọjà tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́jà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ó ń fi í rán àpò tìmùtìmù onígun mẹ́rin tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì ń tà á lórí Etsy, ìyẹn ọjà ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brooklyn ní 2005, tí iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun àtijọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ọgọ́ta àpò ló wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Kó tó yí ohunkóhun padà, ó ṣí abala `Stats` nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Etsy. Ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó bá a pàdé. Ká ní ó rí i pé `adire pillow cover` àti `indigo cushion cover` ló ń mú oníbàárà wá jù láti ọdún tó kọjá. Àwọn méjèèjì yìí di ohun tí a ò fọwọ́ kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lásìkò ọdún ni kí ọlọ́jà pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ ọ láti oṣù Kìíní rẹ́, kó fi kìkì ọ̀rọ̀ Kérésìmesì dí àyè wọn. Títà á lọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, á sì rò pé ọjà ò tíì yá ni, kò ní mọ̀ pé òun lòun ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó mọ ọ̀nà ilé òun.

Nítorí náà, ó da àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́. Bí àtúnṣe náà kò bá so èso, ibẹ̀ ni yóò padà sí.

Ohun kejì tó ń ṣọ́ra fún ni ojú-ewé fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń pa ojú-ewé àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n tó ṣí òmíràn, torí wọ́n gbọ́ pé Etsy máa ń gbé ọjà tuntun síwájú díẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni tó bá pa ojú-ewé tó ti ń tà rẹ́ ti kó ìtàn títà rẹ̀ dànù pẹ̀lú. Ẹni tó gbọ́n á wọ inú ti tẹ́lẹ̀, á sì tún un ṣe níbẹ̀.

Àyè mẹ́tàlá, lẹ́tà ogún

Lórí Etsy, ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́tàlá fún ọ̀rọ̀ ìwárí, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní táàgì. Táàgì kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà ogún lọ, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú ogún náà. Àyè yìí há ju bó ṣe dún létí lọ. `indigo cushion cover` gba ogún gééré. `indigo christmas gift` jẹ́ mọ́kànlélógún, Etsy ò sì ní gbà á. `blue christmas gift` jẹ́ mọ́kàndínlógún, ó wọlé.

Obìnrin wa yìí wo àwọn táàgì rẹ̀ mẹ́tàlá, ó rí márùn-ún tí wọn ò ṣe é láǹfààní kankan: `blue`, `cotton`, `gift`, `handmade` àti `decor`. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, àìlóǹkà ọjà ló sì ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. `blue` tiẹ̀ burú jù, nítorí ó ti yan àwọ̀ búlúù níbi tí Etsy ti ń béèrè àwọ̀ ọjà, ẹ̀rọ náà sì ń ka èyí bí ẹni pé táàgì ni. Ńṣe ló ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ márààrún, ó sì fi àwọn wọ̀nyí rọ́pò wọn:

```
christmas gift mum
african gift for mom
housewarming gift
blue christmas gift
throw pillow cover
```

Kò ṣàdédé yan èyíkéyìí nínú wọn. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀ á tẹ `mum`, ará Atlanta á tẹ `mom`. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní `cushion`, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní `throw pillow`. Títí di oṣù Kẹsàn-án, ojú-ewé náà ò ní ọ̀rọ̀ tí ìdajì àwọn tó lè rà á fi ń pe ọjà náà.

Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, ìyẹn `christmas cushion`. Ẹni tó bá tẹ irú èyí, àgbọ̀nrín, ìràwọ̀ àti aṣọ pupa ló ń wá, ohun tí yóò tẹ́ sí yàrá ìgbàlejò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kó o padà sókè àjà. Bí ẹ̀rọ bá gbé àdìrẹ dé iwájú onítọ̀hún, á kọjá ni. Bí ọgọ́rùn-ún irú wọn bá kọjá, ẹ̀rọ á gbà pé ọjà yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń ṣọdún, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń tọrẹ lọ́dún. Àdìrẹ wà lápá kejì, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọdún tó lò dúró sí.

Orúkọ ọnà ara àdìrẹ náà ńkọ́? Ìbàdàndùn wà lára àwọn tó ń tà, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó máa ń hàn nínú rẹ̀. Bóyá la fi rí ará Manchester tí yóò tẹ orúkọ yẹn. Kò fi í sínú táàgì, ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn rẹ̀ ní gbólóhùn méjì nínú àlàyé ọjà, torí ẹni tó ti dé ojú-ewé náà tó ń rò ó bóyá kí òun rà á ló nílò ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ẹyọ mélòó ló yẹ ká dì pọ̀?

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń ronú nípa ẹ̀dínwó ṣáájú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ di ọjà pọ̀. Ó dára kí wọ́n kọ́kọ́ ronú nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Mail máa ń gba ẹrù pẹlẹbẹ lówó lẹ́tà ńlá, kìkì bí kò bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀ péré, ó di páálí, owó rẹ̀ á sì gòkè. Ká ní obìnrin wa yìí ká àpò méjì dáadáa, tí wọ́n gba inú àlàfo 2.5 náà kọjá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kẹta há. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn: méjì-méjì ni yóò dì. Sẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ni mẹ́rin lè dára lójú, àmọ́ owó ìfiránṣẹ́ á jẹ nínú èrè rẹ̀.

Ó kan ìṣirò. Ká ní àpò kan jẹ́ pọ́ùn 18, oníbàárà sì ń san pọ́ùn 4 fún ìfiránṣẹ́, tí ìfiránṣẹ́ náà ń ná ọlọ́jà ní pọ́ùn 4 gan-an. Aṣọ, rírán àti kíkó ẹrù láti Abẹ́òkúta ń ná an ní pọ́ùn 8 lórí ẹyọ kan. Etsy ń mú ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo owó tí oníbàárà san, tó fi mọ́ owó ìfiránṣẹ́. Fún gbígba owó náà, ó tún ń mú ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún àti pẹ́ńsì 20 lọ́wọ́ ọlọ́jà tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ò tíì ka sẹ́ńtì 20 owó Amẹ́ríkà tó ń gbà kí ojú-ewé kan tó jókòó fún oṣù mẹ́rin.

Bí ẹnì kan bá ra ẹyọ kan, pọ́ùn 7.49 ló kù sí i lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ra ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹ̀dínwó, tí wọ́n sì jọ lọ nínú àpò lẹ́tà kan, pọ́ùn 15.60 ló kù. Ó wá fẹ́ ta sẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ni méjì ní pọ́ùn 33 dípò 36. Èyí á ṣẹ́ pọ́ùn 12.91 kù fún un.

Iye mẹ́ta yìí sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dínwó. Ẹni tó ti fẹ́ ra méjì tẹ́lẹ̀ tó wá bá sẹ́ẹ̀tì pàdé, ọlọ́jà pàdánù pọ́ùn 2.69 lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan tí sẹ́ẹ̀tì sì fà á débi méjì, ọlọ́jà jèrè pọ́ùn 5.42 lé e. Nínú ẹni mẹ́ta tó bá ra sẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tí ì bá ra ẹyọ kan ṣoṣo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀dínwó náà kàn ń ṣòfò ni. Bó ṣe máa mọ̀ ni pé kó wo iye àwọn tó ń ra méjì papọ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí sẹ́ẹ̀tì tó wà rárá. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, kó fi iye rẹ̀ sí 36 náà, kó sì jẹ́ kí ìrọ̀rùn rẹ̀ tà á.

Sẹ́ẹ̀tì náà gba ojú-ewé tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tí méjèèjì ti hàn pọ̀ lórí àga kan. Inú ìkòkò aró kan náà ló sì ti gbọ́dọ̀ mú méjèèjì. Aró ọ̀sẹ̀ yìí kì í sábà rí bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ọ̀kan bá dúdú tí èkejì mọ́lẹ̀, ẹni tó gbà á lẹ́bùn á rò pé wọ́n ṣì í fún òun. Lókè àlàyé ọjà, ó kọ ọ́ gbangba pé kò sí fóòmù tàbí òwú nínú rẹ̀, àpò lásán ni. Lásìkò ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà kì í ṣe ẹni tó mọ ọjà náà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń rà, fọ́tò náà sì fi tìmùtìmù tó kún bámúbámú hàn wọ́n.

Ọgọ́ta tó di ọgọ́fà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà nìyí. Obìnrin náà ní ọgọ́ta àpò. Bó bá kọ 60 sí ojú-ewé ẹyọ kan, tó sì kọ 30 sí ojú-ewé sẹ́ẹ̀tì, Etsy á gbà gbọ́. Kò mọ̀ pé inú páálí kan náà ni méjèèjì ti ń wá. Lójú ẹ̀rọ, ọgọ́fà àpò ló wà fún títà. Títí di ọ̀sẹ̀ Bùláàkì Fúráídè, kò ní hàn, torí ọjà ò tíì yára. Lẹ́yìn náà, ní òru ọjọ́ kan, sẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ á tà nígbà tí àpò mẹ́fà péré ló kù nílẹ̀. Ó di dandan kó kọ̀wé sí ẹni márùn-ún kó sì dá owó wọn padà, ní àsìkò tí àyè àtirà níbòmíràn ti ń tán lọ. Irú àwọn wọ̀nyẹn kì í fi ìràwọ̀ márùn-ún sílẹ̀.

Ó pín in láti ìbẹ̀rẹ̀: 30 fún ẹyọ kan, sẹ́ẹ̀tì 14 tó jẹ́ àpò 28, ó sì mú méjì pa mọ́ tí kò sí lójú-ewé kankan, nítorí ẹrù tó lè sọ nù lọ́nà tàbí èyí tó ní àbààwọ́n. Lálaalẹ́ nínú oṣù Kọkànlá, ó ń ka páálí, ó ń wo ojú-ewé. Bí sẹ́ẹ̀tì bá ń tà ju ẹyọ lọ, ó yọ mẹ́rin kúrò níbi ẹyọ, ó fi méjì kún sẹ́ẹ̀tì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú-ewé tó ń tà dé òdo, torí ní kété tó bá dé òdo, Etsy á yọ ọ́ kúrò nínú ìwárí títí yóò fi sọ ọ́ dọ̀tun.

Ọgbọ̀n àpò mìíràn ṣì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Ó wù ú kó kà wọ́n mọ́ tilẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé lórí fóònù lásìkò yìí ló ń dá a dúró:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ẹrù mi á lè jáde lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọmọ mi, òjò ni ò jẹ́. Lááfún tá a fi ya ọnà sí i lánàá ò tíì gbẹ, ta ló máa ri aṣọ tútù sínú aró? Ẹ jẹ́ kí òòrùn ràn ná."

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ṣeé fi iná lé. Ẹ̀kọ lááfún gbọ́dọ̀ gbẹ lára aṣọ kí aṣọ tó wọ aró, aṣọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ lẹ́yìn aró, òjò sì ń rọ̀ gan-an ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta láti oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá. Ọjà tó ṣì wà lórí okùn ní Ìtòkú kì í ṣe ọjà tó wà ní Peckham. Ọjọ́ tó bá já páálí náà ni yóò fi 30 kún iye tó wà lójú-ewé. Ẹni tó fẹ́ kí oṣù Kọkànlá bá ọjà nílẹ̀ dáadáa, oṣù Keje ló yẹ kó ti bá aláró sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń kọ ọ́ sínú àlàyé pé kí wọ́n tètè rà, kí ọdún má bàa bá wọn lójijì. Oníbàárà ò kì í kà á. Ọjọ́ tí Etsy fúnra rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀ iye owó ló ń wò, ọjọ́ yẹn sì ń wá láti inú nǹkan méjì tí ọlọ́jà ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀: iye ọjọ́ tó fi ń di ẹrù, àti irú ìfiránṣẹ́ tó yàn. Bí obìnrin náà bá fi ọjọ́ kan sílẹ̀ bó ṣe wà nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí ẹrù méjì péré ń jáde lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ á ṣì máa ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ogún ẹni nínú oṣù Kejìlá. Ó sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Bùláàkì Fúráídè.

Lọ́dọọdún ni Royal Mail máa ń kéde ọjọ́ tó kẹ́yìn láti fi ẹrù ránṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé. Ti òkè òkun máa ń ṣáájú ti abẹ́lé dáadáa. Obìnrin náà yọ ọjọ́ mẹ́ta ìdìpọ̀ kúrò nínú ọjọ́ wọ̀nyí, ó sì kọ ohun tó kù sí ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé ọjà, torí ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé nìkan ló máa ń hàn lójú fóònù kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó fi gbólóhùn kan kún un fún àwọn ará Amẹ́ríkà: láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2025, ẹrù kékeré tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 800 kò bọ́ lọ́wọ́ owó orí ibodè mọ́. Ó sọ ẹni tí yóò san án. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn ni wọ́n lè lọ béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bó ṣe ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó yí táàgì padà, ó padà sí `Stats`. Bí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun bá hàn nínú àkọsílẹ̀, tí èèyàn ń wọlé tí wọ́n sì ń rà, ó fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọlé láìrà, ìṣòro wà níbi fọ́tò, iye owó tàbí ọjọ́ tí ẹrù ń dé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wọlé rárá, ọ̀rọ̀ náà ni kò bá a mu. Ẹyọ kan tàbí méjì ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè mọ èyí tó ṣe é láǹfààní. Láti ọjọ́ Bùláàkì Fúráídè títí di ọjọ́ tí ìfiránṣẹ́ parí, kò fọwọ́ kan táàgì mọ́. Iye ọjà àti ọjọ́ nìkan ló ń tún ṣe.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, táàgì Kérésìmesì méjèèjì á kúrò, ìlà àkọ́kọ́ tó ní ọjọ́ ìfiránṣẹ́ á kúrò pẹ̀lú. `housewarming gift` àti `throw pillow cover` á dúró, torí èèyàn ń kó lọ sílé tuntun yípo ọdún. Àyè tó ṣí sílẹ̀ á gba `mothers day gift`. Ọjọ́ Ìyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì, ìyẹn oṣù Kẹta lọ́pọ̀ ọdún, nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Karùn-ún, nítorí náà táàgì yẹn á wọlé nínú oṣù Kìíní, kò sì ní jáde títí oṣù Karùn-ún yóò fi dá sí méjì.